Mo fi òkèlè alẹ́ sílẹ̀, bíà nìkan ni mò ń mu, síbẹ̀ ọ̀rá bo ẹ̀dọ̀ mi

Ọmọ Òṣogbo
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni ọdún 41 ni mí. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mi ò ti jẹ òkèlè lálẹ́ mọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìgò bíà ńlá mẹ́ta ni mò ń mu pẹ̀lú ẹran díẹ̀, mo sì ń lọ sùn. Síbẹ̀ mo ti fi kílò mẹ́fà sanra sí i. Wọ́n ya ikùn mi ní síkáànù lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ọ̀rá ti bo ẹ̀dọ̀. Ṣé omi ọkà kọ́ ni bíà ni? Níbo ni ọ̀rá ti wá nígbà tí mi ò jẹun?

Baálẹ̀ Gáréjì
Àbúrò, ṣúgà ni. Bí ọtí bá dénú ara, ṣúgà ló ń dà, ṣúgà yẹn ló sì ń di ọ̀rá. Ìdí tí mo fi kúrò nídìí bíà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn nìyẹn. Jíìnì ni mò ń mu báyìí, ìgò pẹlẹbẹ kan lálẹ́. Kò ní ṣúgà rárá, ikùn mi sì ti fà díẹ̀. Yí sí ọtí tó mọ́ gaara, wàá rí ìyàtọ̀.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ kú ìjíròrò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ẹ̀dọ̀ ni mo sì ti pẹ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n Baálẹ̀, ẹ má bínú, ọtí kì í di ṣúgà. Òótọ́ ni pé ṣúgà díẹ̀ wà nínú bíà tí kò sí nínú jíìnì, ṣùgbọ́n ọtí gan-an ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú kálórì bíà, ìyẹn agbára tí oúnjẹ ń gbé wọ ara. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìgò kan. Ìgò ńlá gba sẹ̀ńtílítà 60. Bí wọ́n bá kọ 5% sí i lára, mílílítà 30 nínú rẹ̀ ni ògidì ọtí. Ọtí fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà mílílítà 30 yẹn ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 24. Gíráàmù ọtí kan ń gbé kálórì 7 wọlé. Ti ṣúgà jẹ́ 4, ti òróró jẹ́ 9. Òróró ni ọtí fi ara jọ níbi kálórì, kì í ṣe ṣúgà.

Bí a bá fi 7 sọ 24 di púpọ̀, ó lé ní 160. Ṣúgà àti sítáàṣì tó ṣẹ́kù sínú bíà yóò fi bíi 80 kún un. Ìgò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250, ìgò mẹ́ta sì súnmọ́ 750. Bí ẹni jẹ búrẹ́dì bíbẹ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lálẹ́ ni. Àbúrò mi láti Òṣogbo, o fi òkèlè sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o kò fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Inú ife ni o gbé e sí.

Ẹ̀gbọ́n, ti ìgò pẹlẹbẹ yín náà: bí ó bá jẹ́ sẹ̀ńtílítà 20, tí wọ́n kọ 40% sí i, gíráàmù ọtí 63 ló wà níbẹ̀. Bíà mẹ́ta jẹ́ 71. Kálórì yín dínkù ní tòótọ́, ó wà ní bíi 440, ìyẹn ló jẹ́ kí ikùn fà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ gbé fún ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí tẹni tó mu bíà mẹ́ta.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà
Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Ẹlẹ́dẹ̀ ni mò ń sìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, èèrí ọkà bàbà tí ilé iṣẹ́ ọtí bá ti fún omi rẹ̀ tán ni. A ń fi ọkọ̀ akẹ́rù lọ kó o, ó máa ń gbóná fẹlifẹli nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á síta, bí a kò bá sì tètè sá a, ó ń kan láàárín ọjọ́ méjì. Látìgbà tí ìjọba ti fòfin de ọkà báálì òkèèrè ní 1988 ni àwọn ilé iṣẹ́ ọtí ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa pọnti, àwa tí a ń sin ẹran sì ń jàǹfààní rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ fún mi pé bí èèrí yẹn bá gbẹ tán, bíi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ amúaradàgbà. Mo wá bi ara mi pé, bí ẹlẹ́dẹ̀ mi bá jẹ amúaradàgbà inú ọkà, kí ló kù fún ẹni tó ra bíà?

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Àgbẹ̀, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí mọ̀ pé èèrí yàtọ̀ sí omi tó sẹ́. Wọ́n sọ sítáàṣì inú ọkà di omi ṣúgà, wọ́n sẹ́ èèrí kúrò, wọ́n wá da ìwúkàrà sínú omi dídùn náà. Ìwúkàrà ń jẹ ṣúgà, ó sì ń tú ọtí sílẹ̀. Agbára tó wà nínú ṣúgà kò sọnù, inú ọtí ló ṣí lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìwúkàrà fi bọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún sẹ́ ìwúkàrà fúnra rẹ̀ kúrò kí bíà lè mọ́, bẹ́ẹ̀ inú ìwúkàrà yẹn ni fítámì B tó dára kó sí. Agbára ló bá bíà dé inú ìgò. Ohun tí ara fi ń mọ ẹran, egungun àti ẹ̀jẹ̀ ti kù sẹ́yìn. Amúaradàgbà inú ìgò mẹ́ta kò ju ti ẹyin kan tàbí méjì lọ, nígbà tí ẹyin mẹ́wàá á fún ọ ní kálórì kan náà pẹ̀lú amúaradàgbà bíi gíráàmù 60.

Ti jíìnì àti ògógóró tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ni wọ́n gbá mú níbẹ̀. Ọtí àti omi nìkan ló ń fò gba ọ̀pá kọjá; ṣúgà, iyọ̀ ara àti fítámì kì í fò, inú àgbá ni wọ́n ń jókòó sí.

Ọmọ Adẹ́mu
Ẹ má pa gbogbo ọtí pọ̀ o. Bàbá mi dẹ́mu títí ó fi di arúgbó. Ẹmu kò sí lára ohun tí wọ́n ń sẹ́. Ìwúkàrà ṣì ń hó lójú rẹ̀ nígbà tí o bá ń mu ún. Àwọn àgbà wa fi ẹmu ṣe oúnjẹ, obìnrin tó ń tọ́mọ ń mu ún kí omi ọyàn lè wá.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Mo gbà fún ọ lórí ìwúkàrà. Ẹmu tútù ní fítámì B díẹ̀ tí bíà inú ìgò kò ní. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ ju mi lọ pé ẹmu tí bàbá gbé bọ̀ láàárọ̀ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu nírọ̀lẹ́. Ti àárọ̀ dùn, ti ìrọ̀lẹ́ ti kan, ó sì ń pa ènìyàn. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ìwúkàrà ń sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí. Ní ti omi ọyàn, mi ò lè bá ọ gbà. Ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ìyá ń bọ́ sínú ọyàn.

Ọmọ Adẹ́mu
Ìyá mi tọ́ àwa méje, ẹmu wà níbẹ̀. Mi ò ní jà pẹ̀lú yín lórí rẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo
Àǹtí, mo dúpẹ́. Ìṣirò yẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan. Bí ọtí kò bá di ṣúgà, tí ẹ sì ní ó ń gbé kálórì, ṣé ọtí fúnra rẹ̀ ló wá di ọ̀rá sí mi lẹ́dọ̀?

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ló ń di ọ̀rá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọtí kò jẹ́ kí ọ̀rá mìíràn jóná. Ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ, ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Bí o bá jẹun púpọ̀, ara ní ibi ìpamọ́. Ṣúgà ń lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, ọ̀rá ń lọ sábẹ́ awọ. Ọtí kò ní àká kankan. Láti inú ìfun ni ó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tààrà dé ẹ̀dọ̀, èyí tí ẹ̀dọ̀ kò bá sì ráyè mú yóò máa yí po ara, títí kan ọpọlọ. Ara mọ̀ ọ́n sí àlejò tí kò gbọdọ̀ pẹ́ nílé, ó ń dá gbogbo iṣẹ́ tó kù dúró títí yóò fi lé e jáde. Díẹ̀ ń bá èémí, ìtọ̀ àti òógùn lọ, ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìyókù, ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é.

Ìpele méjì ni iṣẹ́ náà. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀ sọ ọtí di nǹkan kan tó ń jẹ́ asetalidéháìdì. Májèlé gidi ni, òun ló ń ba ẹ̀yà ẹ̀dọ̀ jẹ́ bí ó bá pẹ́ níbẹ̀. Kí ó má baà pẹ́, ẹ̀dọ̀ tún sáré sọ ọ́ di asetéètì, ìyẹn ìbátan ohun tó mú kí fíníkà kan. Asetéètì kò léwu. Ẹ̀dọ̀ tì í sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti ẹran ara sì ń sun ún bí igi ìdáná. Níbẹ̀ ni kálórì 7 yẹn ti ń jáde.

Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ ẹrù háídírójìn kan kúrò lára ọtí, àwọn kan nínú ẹ̀dọ̀ sì gbọ́dọ̀ rù ú. Ẹ wò wọ́n bí alábàárù ọjà Bódìjà. Wọn kò pọ̀. Àwọn alábàárù kan náà ni ẹ̀dọ̀ ń lò láti fi sun ọ̀rá. Bí tírélà ọtí bá já ẹrù, gbogbo wọn á wà lábẹ́ ẹrù, kò ní sí ẹni tí yóò ru ẹrù ọ̀rá. Ọ̀rá inú ẹran tí o fi sìn bíà, àti ọ̀rá tó ń ti abẹ́ awọ bọ̀ wá sí ẹ̀dọ̀, wọ́n á jókòó síbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á tiẹ̀ tún máa hun ọ̀rá tuntun nítorí ẹrù yẹn ti pọ̀ lápọ̀jù. Ohun tí síkáànù rí nìyẹn.

Àwọn alábàárù náà kì í sáré. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà ń mú bíi gíráàmù ọtí 7 tàbí 8 kúrò ní wákàtí kan, o ṣe é, o kò ṣe é. Kọfí, omi tútù, òógùn eré sísá, kò sí èyí tó ń mú un yára. Gbé 71 rẹ kalẹ̀: wákàtí mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje alẹ́, aago mẹ́rin tàbí márùn-ún ìdájí ni ẹ̀dọ̀ rẹ tó padà sídìí ọ̀rá. O wá jẹun òwúrọ̀ ní méje. Wákàtí mélòó ló fi sun ọ̀rá lóru yẹn?

Ọmọ Òṣogbo
Ó yé mi wàyí. Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń tì í bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú
Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá ń wá ohun tó ń lé ọtí kúrò lójú, omi ewúro ni. Ẹ fún un, ẹ mu ife kan, á fọ ẹ̀dọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi wá gan-an ni ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, ó ń lo oògùn oníhóró tó ń fa ṣúgà wálẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú kan, kò jẹun láti àárọ̀, ó mu ọtí líle nírọ̀lẹ́, ó sùn. Ní ìdájí, òógùn bò ó, ó ń sọ kántankàntan. Àwa ní ọtí ni, a ní kí ó sùn ún tán. Ìyàwó rẹ̀ ló fi dandan gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo máa ń rò ó pé ọtí ń gbé ṣúgà sókè, kí ló wá fà á wálẹ̀?

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ kú orí ire, Ìyá Ìbejì, ẹ sì bá mi kí ìyàwó yẹn. Ó gba ẹ̀mí là.

Àwọn alábàárù yẹn náà ni. Bí ènìyàn kò bá jẹun, ẹ̀dọ̀ ló ń pèsè ṣúgà fún ọpọlọ. Ó kọ́kọ́ ń ná èyí tó pamọ́. Bí ìyẹn bá tán, yóò máa ṣe tuntun láti inú nǹkan mìíràn. Ọtí ń dí iṣẹ́ tuntun yẹn lọ́wọ́. Àbúrò yín kò jẹun láti àárọ̀, àká ti ṣófo. Ọtí ti ilẹ̀kùn kejì. Oògùn sì tún ń fa èyí tó kù wálẹ̀. Kálórì kún inú rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ kò sì rí ṣúgà lò. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni pé àmì méjèèjì jọra: òógùn, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, oorun tí kò ṣeé jí. Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tó sì mutí, ẹ má fi sílẹ̀ kó sùn ún tán. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà rẹ̀. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà. Bí kò bá lè gbé mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sá lọ.

Ewúro dùn nínú ọbẹ̀. Kò ń lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ìkòròdú
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ewúro tèmi, mi ò ní fi sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo gbọ́ èyí tó kù.

Baálẹ̀ Gáréjì
Nọ́ọ̀sì, mo gbà pé mo ṣì í lórí ṣúgà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tèmi lágbára. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tọ́ọ̀tù méjì ló ń pa mí. Báyìí ìgò pẹlẹbẹ kan kò mì mí. Orí fífọ́ díẹ̀ láàárọ̀ ni, parasitamọ́ọ̀lù méjì ń yanjú rẹ̀.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín yìí ló ká mi lára jù láti àárọ̀. Pé ọtí kò pa yín mọ́ kì í ṣe agbára ẹ̀dọ̀. Ọpọlọ yín ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀dọ̀ yín sì ti ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn kan tí kì í sábà lò, èyí tó ń ṣí fún ẹni tó bá ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn ń mú ọtí yára díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ló ń sọ díẹ̀ nínú parasitamọ́ọ̀lù di májèlé. Ẹ̀dọ̀ ní ohun tó fi ń pa májèlé yẹn, ọtí àti àìjẹun dáadáa sì ń jẹ ẹ́ tán. Méjì lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣe yín ní nǹkan báyìí. Méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, méjì lálẹ́, fún ọjọ́ mélòó kan, ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ojú ń pọ́n bí àtàrí igún, tí a kò rí ẹni náà gbà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀.

Ẹ má sì já ọtí lójijì. Ṣé ọwọ́ yín ń gbọ̀n láàárọ̀ kí ẹ tó mu?

Baálẹ̀ Gáréjì
Ó ń gbọ̀n díẹ̀.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà kí ẹ tó dín in kù. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lè ní gìrì bí ó bá já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, iye tí ẹ ń mu gan-an. Mo ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín ní ìkọ̀kọ̀.

Táyé ní Pẹ́kámù
Níbí lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, dókítà kì í bi ọ́ pé ìgò mélòó. Ìwọ̀n ni wọ́n ń kà, ìwọ̀n kan jẹ́ gíráàmù ọtí 8, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá 14 lọ́sẹ̀. Ọdún 2016 ni wọ́n rẹ ti ọkùnrin sílẹ̀ dé ibẹ̀. Bíà ńlá mẹ́ta ti arákùnrin wa yìí jẹ́ 9. Ọjọ́ méjì péré, ó ti kọjá ti ọ̀sẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé bísíkíìtì ọmọdé ní kálórì lára páálí rẹ̀, òfin kò sì fi dandan mú ìgò ọtí láti kọ ọ́.

Èrò tèmi ni pé kí ó máa mu ìgò kan ní ọjọ́ Jímọ̀, ìgò kan ní Sátidé, kí ó má ṣe fi ọtí sílẹ̀ pátápátá. Ìyẹn á rọrùn fún un láti dúró tì.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Fún ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, bóyá. Fún ẹni tí síkáànù ti bá wí, mi ò fara mọ́ ọn. Ọ̀rá ẹ̀dọ̀ tó jẹ́ ti ọtí sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà bí ènìyàn bá já ọtí pátápátá. Èyí tó ti di àpá kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá kì í dunni, àpá náà kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, kí wọ́n tún un yà.

Táyé ní Pẹ́kámù
Bí ó bá já a tí ó sì tún padà sí mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ keje ńkọ́? Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn mi.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Èmi náà ti rí i. Mi ò ní èsì kan pàtó fún ìyẹn.

Ọmọ Òṣogbo
Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n, Àǹtí. Mo wo ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi, níbi tí wọ́n ti wọn èròjà méjì tó ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá ń bàjẹ́: AST 88, ALT 41. Wọ́n ní méjèèjì ga díẹ̀, wọn kò ṣàlàyé.

Mọ̀dúpẹ́ Nọ́ọ̀sì
Bí AST bá fi ìlọ́po méjì ju ALT lọ báyìí, ọtí la kọ́kọ́ ń fura sí. Bí ó bá jẹ́ sísanra nìkan ni, ALT ló sábà máa ń wà lókè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí tó pé. Ṣé wọ́n yẹ mẹ́dọ̀wú B wò? Ó pọ̀ láàárín wa, ó sì lè wà nídìí ẹ̀dọ̀ kan náà pẹ̀lú ọtí láìsí ẹni tó mọ̀.

Ọmọ Òṣogbo
Wọn kò yẹ̀ ẹ́ wò. Màá padà lọ lọ́jọ́bọ̀ fún un. Láti alẹ́ àná ni mi ò ti mu, òkèlè ni mo jẹ, ẹ̀fọ́ àti ẹja. Ẹ̀rù ń bà mí pé màá tún sanra.

Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà
Jẹ ẹ́, àbúrò. Bu òkèlè náà ní kékeré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ jù ú lọ. Kọ kílò rẹ síbí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, a ó máa wò ó.

Ọmọ Òṣogbo
Kílò 94 lónìí.